Gùfẹ̀ Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Pé Gáàsì Ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìyá mi ń tajà lọ́jà. Láti nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n ti ń sọ pé àyà ń fún àwọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gùfẹ̀, ó máa ń lọ. Gbogbo ará ọjà ní gáàsì ni. Oògùn gáàsì wo ló lágbára jù tí mo lè rà fún wọn?

Ìdáhùn: N kò ní dárúkọ oògùn gáàsì kankan fún yín, nítorí kí a tó máa wá èyí tí ó lágbára jù, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá gáàsì ni ó ń ṣe màmá. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹ mú wá ni pé ó ń lọ bí wọ́n bá ti gùfẹ̀. Léraléra ni mo ń gbọ́ ẹ̀rí yìí lẹ́nu àwọn aláìsàn àti àwọn ọmọ wọn, ó sì máa ń dùn mí, nítorí mo ti rí ibi tí ó ti bo àìsàn ọkàn mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá aláṣọ kan tí mo tọ́jú. Mo ti yí díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.

Ẹni ọdún 54 ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìgbà tí ó bá sì rántí ni ó ń lo oògùn rẹ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá tí ó ń kó ọjà pamọ́ sí sì wà nísàlẹ̀, nítorí náà ní àràárọ̀ ni ó máa ń gbé ìdì aṣọ gun àtẹ̀gùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ó bá ti dé àárín àtẹ̀gùn náà, nǹkan a tẹ̀ ẹ́ láyà bí ẹni pé wọ́n gbé ìdì aṣọ mìíràn lé e lórí egungun igẹ̀. Yóò sọ ẹrù kalẹ̀, yóò fara ti ògiri, yóò fọwọ́ lu àyà, yóò gùfẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ gbogbo rẹ̀ a sì lọ. Obìnrin tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra ni ó kọ́kọ́ sọ pé gáàsì ni. Ẹni tí ń ta oògùn fún un ní oògùn olómi funfun tí ń pa oró inú ikùn, ó sì ń mu ún bí omi. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì ṣi ọ̀rọ̀ náà mú.

Lọ́jọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, kò gbé ẹrù kankan. Ó jókòó, ó ń ka owó, ni àyà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, ìrora náà sì gun ọrùn dé párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, òógùn tútù rin bùbá rẹ̀ gbingbin. Gùfẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó gbé e sínú ọkọ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn, ó ti ń rọlẹ̀, ìyá náà sì ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n fún òun ní abẹ́rẹ́ gáàsì kíákíá, nítorí oníbàárà ń dúró de òun.

Mo ní kí ó fi ibi tí ó ń dùn ún hàn mí. Kò fi ìka tọ́ka sí ojú kan, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó sì gbé e lé àárín àyà. Àwa oníṣègùn máa ń ṣàkíyèsí ìyẹn gan-an, nítorí ìrora tí ó ń ti ọkàn wá kì í sábà ní ojú kan pàtó tí ènìyàn lè fi ìka tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bi í ní ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù fún mi lọ́jọ́ náà: “Ìyá, nígbà tí ẹ bá gùfẹ̀ tí ó sì lọ, ṣé ẹ ṣì ń gun àtẹ̀gùn ni, àbí ẹ ti dúró?”

Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. “Mo ti dúró, Dókítà. Ta ni yóò máa gun àtẹ̀gùn nígbà tí àyà ń fún un?”

Ọmọ rẹ̀ wá rántí pé lọ́jọ́ kan tí oníbàárà ń kánjú, màmá òun gùfẹ̀ léraléra láìsọ ẹrù kalẹ̀, kò sì lọ títí wọ́n fi dé òkè tí wọ́n jókòó.

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọkàn jẹ́ iṣan tí ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, ó sì ní àwọn òpó kéékèèké tirẹ̀ tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un. Bí ọ̀rá bá ti lẹ̀ mọ́ inú òpó kan tí ó sì sọ ọ́ di tóóró, ẹ̀jẹ̀ tí ń gbabẹ̀ kọjá lè tó fún ẹni tí ó jókòó, ṣùgbọ́n kò ní tó fún ẹni tí ń gbé ẹrù gun òkè. Àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí ni ó ń fa ìfúnni náà. Bí ènìyàn bá dúró, iṣẹ́ ọkàn dín kù, ẹ̀jẹ̀ tún tó o, ìrora a sì lọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn kan náà ni ìyá aláṣọ fi ń fara ti ògiri tí ó sì ń gùfẹ̀. Ìsinmi ni ó ṣe iṣẹ́ náà, gùfẹ̀ ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oògùn funfun yẹn, nítorí kò sí ẹni tí ń mu ún lórí ìrìn. Ó ní láti jókòó, kí ó ṣí ìgò, kí ó mu ún, kí ó sì dúró kí ó ṣiṣẹ́.

Ẹ lè wá bi mí pé, bí kì í bá ṣe gáàsì, kí ni gùfẹ̀ ń wá síbẹ̀? Ọkàn àti ọ̀nà ọ̀fun wà nítòsí ara wọn nínú àyà, àwọn iṣan tí ń gbé ìròyìn ìrora wọn lọ sí ọpọlọ sì pàdé lójú ọ̀nà kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọpọlọ kì í fi í lè sọ pàtó èyí tí ó ń ké nínú wọn. Apá ìsàlẹ̀ ọkàn sì sún mọ́ ikùn, nítorí náà bí ó bá jẹ́ apá yẹn ni ìyà ń jẹ, inú lè máa ru, èébì lè gbé ènìyàn, ó sì lè máa gùfẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ẹ̀rù ń bà tàbí tí ó ń mí kíákíá máa ń gbé afẹ́fẹ́ mì láìmọ̀, afẹ́fẹ́ tí a gbé mì yóò sì wá ọ̀nà jáde.

Oró ikùn tí ń gòkè wá sí ọ̀fun wà lóòótọ́, ó sì wọ́pọ̀. Ó máa ń ta ènìyàn bí iná, ó sábà máa ń wá lẹ́yìn oúnjẹ tàbí nígbà tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè mú omi kíkan wá sẹ́nu. Kò ka àtẹ̀gùn sí. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi èyí dá ẹjọ́ nílé, nítorí àìsàn méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà, ìrora ọkàn pàápàá sì tètè máa ń wá bí ènìyàn bá rìn kánkán lẹ́yìn tí ó jẹun yó. Nínú àwọn obìnrin, àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó tilẹ̀ lè má jẹ́ ìrora rárá, kí ó kàn jẹ́ èémí tí kò tó tàbí àárẹ̀ tí kò nídìí.

Ní ti ìyá aláṣọ, a gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé tí ó wọlé, ìwé náà sì dára. Ọmọ rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní ṣé kí àwọn máa lọ. Mo ní rárá. Ìwé náà ń sọ bí ọkàn ṣe wà ní ìṣẹ́jú tí a tẹ̀ ẹ́ ni, ẹni tí ìrora rẹ̀ ti rọlẹ̀ sì lè ní ìwé tí ó dára kí òpó ọkàn rẹ̀ má dára. A gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wá tropónìn, èyí tí í ṣe èròjà tí ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣan ọkàn bá farapa. Ti àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn, nítorí ó máa ń gba wákàtí díẹ̀ kí ó tó gòkè. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta a gba òmíràn, ó sì ti gòkè kọjá ààlà. Ìkọlù ọkàn ni. A fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n rí òpó ọkàn tí ó fẹ́ dí, wọ́n sì fi okùn onírin kékeré tí ó rí bí agbọ̀n híhun tì í ṣí.

N kò lè jókòó síbí kí n sọ pé ohun tí ó ṣe é náà ni ó ń ṣe màmá yín. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ láìrí wọn ń parọ́ fún yín, ẹni tí ó bá sì ní gáàsì ni láìrí wọn náà ń parọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ ìlù ọkàn, lónìí tàbí lọ́la, kì í ṣe ní ìparí oṣù. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ń wá nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, òní ni o.

Bí ó bá wá dé tí wọ́n sinmi tí kò sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí tí òógùn tútù, èébì, òòyì tàbí èémí tí kò tó bá bá a wá, ẹ pe ọkọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì tàbí kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Ásípírìn miligíráàmù 300 tí wọ́n rún lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e mì lè ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó léwu fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, tí ọgbẹ́ inú ikùn rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn tí ẹ bá pè pàṣẹ rẹ̀, ẹ má sì tìtorí wíwá ásípírìn dúró lẹ́yìn ọkọ̀.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe sọ pé “gáàsì ń da màmá láàmú,” nítorí ọ̀rọ̀ yẹn lè mú kí wọ́n jókòó pẹ́ lórí ìlà. Ẹ sọ pé àyà ń fún wọn. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, iye ìṣẹ́jú tí ó fi wà, àti bóyá wọ́n ti dúró nígbà tí ó lọ. Gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò ni kí ẹ kó dání, títí kan ìgò oògùn gáàsì náà. Títí ẹ ó fi dé ibẹ̀, kí ẹlòmíràn máa bá wọn gbé ẹrù.