Nákíṣátírà Òṣùpá Ìbí: Kí Ni Róhínì Ń Fi Kún Ìwà Ẹni?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ará Íńdíà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé Róhínì ni nákíṣátírà mi, pé òun sì ti fi ìyẹn mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìràwọ̀ tí òyìnbó ṣe fún mi sọ pé àmì Ìbejì ni òṣùpá mi wà, ní dìgírì 16. Èwo ni kí n gbà? Kí sì ni nákíṣátírà ń sọ tí àmì kò sọ?”

Òṣùpá kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ojú ọ̀run ni kò bára mu. Òyìnbó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oòrùn máa ń wà ní oṣù Mááṣì, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, ṣùgbọ́n ará Íńdíà ń wọn tirẹ̀ láti ara àwọn ìràwọ̀ gan-an. Ibi méjèèjì yìí pàdé ní nǹkan bí 1,700 ọdún sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń jìnnà síra ní dìgírì kan láàárín ọdún 72, tó fi jẹ́ pé àlàfo àárín wọn ti tó bí dìgírì 24 lónìí. Àlàfo yìí ni wọ́n ń pè ní ayanáńṣà. Àmì Ìbejì bẹ̀rẹ̀ ní dìgírì 60. Tí a bá fi 16 yín kún un, ó di 76, tí a bá sì yọ 24 kúrò, ó ku 52. Ìyẹn bọ́ sí dìgírì 22 nínú àmì Akọ Màlúù. Nákíṣátírà 27, ìyẹn àwọn ilé òṣùpá, ló pín gbogbo ojú ọ̀nà òṣùpá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó dìgírì 13 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Mẹ́ta àkọ́kọ́ gba dìgírì 40, nítorí náà ẹ ti rin dìgírì 12 wọ inú ẹ̀kẹrin, èyí tí í ṣe Róhínì. Ìṣirò ọ̀rẹ́ yín tọ̀nà.

Ìdí tó fi jẹ́ 27 ni pé òṣùpá ń yí ojú ọ̀run ká ní ọjọ́ 27 ó lé díẹ̀, tó fi dà bí ẹni tó ń sùn sí ilé kan lálaalẹ́. Àwọn àgbà Íńdíà sọ ọ́ ní ìtàn pé Sómà, tí í ṣe òṣùpá, fẹ́ ọmọbìnrin Dákíṣà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n ilé Róhínì nìkan ni kì í fẹ́ kúrò. Àwọn orogún fẹjọ́ sun bàbá wọn. Dákíṣà gbé àna rẹ̀ ṣépè pé kó máa joro títí yóò fi tán. Nígbà tí wọ́n bẹ̀bẹ̀, ó dín èpè náà kù, pé kó máa joro kó sì tún máa sanra. Ìdí nìyẹn tí òṣùpá fi ń dín tí ó sì ń kún. Inú ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kà sí ìwà ọmọ Róhínì ti jáde: ẹni tí ojú ń fẹ́ràn láti wò, tó mọ ilé ṣe, tí ohun tó bá fọwọ́ kàn ń hù, tí kì í sì í fẹ́ kí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlara sì sábà máa ń wà nítòsí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ààyò ni. Àwa náà mọ ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀ nínú ilé olórogún.

Ìdáhùn sí apá kejì ìbéèrè yín nìyí: àmì fẹ̀ ju ilé òṣùpá lọ. Akọ Màlúù nìkan fẹ̀ tó dìgírì 30, ilé mẹ́ta ló sì bọ́ sínú rẹ̀. Dìgírì mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ti Kìrítíkà, ilé Ágínì òrìṣà iná, tí abẹ jẹ́ àwòrán rẹ̀. Róhínì, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà, wà láàárín. Ìparí rẹ̀ jẹ́ ti Mírígáṣírà, orí àgbọ̀nrín, ẹranko tó ń fi imú wá nǹkan kiri. Ẹni tó bá ka àmì nìkan yóò sọ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ràn ìgbádùn àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ gbé ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù síwájú wọn. Ọmọ Kìrítíkà yóò sọ ọ́ kí òkèlè àkọ́kọ́ tó dé ọ̀fun. Ọmọ Róhínì yóò gbé ìkòkò padà sórí iná, yóò lọ tòmátò kún un, kò sì ní jẹ́ kí àlejò dìde láìyó. Ti Mírígáṣírà yóò bi yín pé ọjà wo lẹ ti ra ata, kó tó jẹun tán yóò sì ti máa ronú oúnjẹ ibòmíràn.

Wọ́n tún ń pín ilé kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Pádà ni wọ́n ń pe ìpín náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹrin Róhínì ni dìgírì 12 yín bọ́ sí, wọ́n sì so ẹsẹ̀ yìí mọ́ àmì Akàn, tí òṣùpá fúnra rẹ̀ ń darí. Nítorí náà, ìtọ́jú ọmọ àti ẹbí ni wọn yóò tẹnu mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ju ẹwà àti ọrọ̀ lọ.

Nákíṣátírà tún ń fi ọjọ́ orí sínú ìwà, àmì kò sì lè ṣe ìyẹn. Ilé tí òṣùpá wà nígbà ìbí ló ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ darí ayé ọmọ, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní dáṣà. Òṣùpá ló ni Róhínì, ọdún mẹ́wàá sì ni tirẹ̀. Ẹ ti lo ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ilé náà kí wọ́n tó bí yín, nítorí náà ọdún kan péré ló ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ni ìràwọ̀ Máàsì, tí wọ́n kà sí ti ìjà, gba ọdún méje, títí ẹ fi pé mẹ́jọ, kí Ráhù, ẹ̀mí òkùnkùn tí wọ́n ní ó ń gbé oòrùn àti òṣùpá mì, tó gba ọdún 18. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kò ní retí ọmọ jẹ́jẹ́ ní ìgbà èwe yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Róhínì ni yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti gba ìṣọ́ra ni pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú ilé náà. Dìgírì kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù, òṣùpá sì ń rin dìgírì bí ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Tí aago ìbí yín bá fi wákàtí méjì àbọ̀ pẹ́ ju bí ẹ ṣe sọ lọ, ọmọ Mírígáṣírà ni yín, Máàsì ló sì bẹ̀rẹ̀ ayé yín. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà náà lè fa èyí. Bí wọ́n bá yan `Lahiri` níbi ayanáńṣà, ìyẹn èyí tí ìjọba Íńdíà ń lò fún kàlẹ́ńdà wọn, Róhínì ni yóò gbé jáde. Bí wọ́n bá yan `Raman`, tó fi bí dìgírì kan àbọ̀ kéré sí i, Mírígáṣírà ni yóò kọ. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín pé èwo ló lò.

Ní tèmi, èdè ìṣàpèjúwe ìwà ni mo ka èyí sí. N kò kà á sí ìwọ̀n. Jayant Narlikar, onímọ̀ ojú ọ̀run ní Puné, dán àwọn awòràwọ̀ 27 wò ní ìpínlẹ̀ Maharáṣítírà, ó ní kí wọ́n fi ìwé ìbí ya ọmọ tó mọ̀wé gan-an sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Nínú àbájáde tó gbé jáde ní 2009, ìdá 46 nínú 100 ni wọ́n gbà, èyí tí ẹni tó ju owó ẹyọ sókè náà lè gbà. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ mọ ilé yín dájú, ẹ wá káàdì tí ilé ìwòsàn fún ìyá yín. “Lẹ́yìn ìrun alẹ́” tàbí “nígbà tí wọ́n mú iná lọ” kò tó fún òṣùpá tó ti dé ẹnu ọ̀nà.