Kí ni "no", "na", "do" àti "da" nínú èdè Potogí?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Potogí ni. Mò ń rí "no", "na", "do" àti "da", mo sì tún ń rí "em" àti "de". Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí mo máa lò?

Ọ̀rọ̀ méjì ló wọnú ara wọn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. "Em" ni "ní" tiwọn; "de" ló ń sọ ẹni tó ni nǹkan tàbí ibi tí nǹkan ti wá. "O" àti "a" ni ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, "o" fún akọ, "a" fún abo. Bí "em" bá pàdé "o", ó di "no". Bó bá pàdé "a", ó di "na". Bẹ́ẹ̀ náà ni "de" ṣe ń di "do" tàbí "da". Bí nǹkan bá pọ̀, "s" á wọ̀ ọ́: nos, nas, dos, das.

Àwa náà máa ń pa fáwẹ̀lì jẹ, "ní ọjà" á di "lọ́jà", ṣùgbọ́n èyí tó bá wù wá la lè sọ. Potogí ò fún yín láyè yẹn. "No mercado" ni wọ́n ń sọ. "Em o mercado" kò sí.

Orúkọ ibi ló máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú jù, nítorí àwọn kan ń gba "o" tàbí "a", àwọn kan kì í gbà á. Ẹ wo ohun tí ẹnì kan tó ń gbé ní Bùràsíìlì lè sọ:

"Moro em Salvador, na Bahia, no bairro do Rio Vermelho."

Ó ń sọ ìlú, ìpínlẹ̀ àti àdúgbò tó ń gbé. Salvador kì í gba nǹkan kan ṣáájú, nítorí náà "em" dúró bó ṣe wà. "A Bahia" ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ náà, ló bá di "na". "O bairro" ni àdúgbò, ó di "no". "O Rio Vermelho" ni orúkọ àdúgbò ọ̀hún, ìyẹn ló fi di "do". Bí ẹ bá fẹ́ sọ ibi tí ẹ ti wá, "sou da Nigéria, de Lagos" ni: Nàìjíríà ń gba "a", Èkó kì í gbà á. Orúkọ ẹbí àwọn Àgùdà l'Ékòó náà tẹ̀lé ìlànà yìí: "da Rocha" jẹ́ "de" àti "a rocha", ìyẹn àpáta.

Torí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ kọ́ ọ pọ̀ mọ́ "o" tàbí "a" rẹ̀. Ẹ má fi ìparí ọ̀rọ̀ nìkan mọ akọ yàtọ̀ sí abo: "a" ló parí "dia", ọjọ́, síbẹ̀ "no dia" ni wọ́n ń sọ, "o" ló parí "mão", ọwọ́, síbẹ̀ "na mão" ni. Ní ti ìpè, bí ẹ bá gbọ́ "nu" àti "du" lẹ́nu àwọn ará Bùràsíìlì, "no" àti "do" kan náà ni.