Ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, fún ọmọ tí ọ̀fun kò jẹ́ kó mumi

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, okun o. Ara ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń gbóná láti àná, ọ̀fun sì ń dùn ún. Bí mo bá gbé omi sún mọ́ ọn, á fọwọ́ bo ẹnu. Kò yàgbẹ́ gbuuru, kò sì bì. Mo ra ORS ní kẹ́mísì, àmọ́ ìyá ọkọ mi ní kí n rọ ọ́ lágbo. Báwo ni kí n ṣe fún un lómi, báwo ni yóò sì ṣe pọ̀ tó? (Ìyá ọmọ kan, Mopa)

Ìdáhùn: Okun o, ìyá ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n dì mú, tó ń ké, ń fa èémí sínú ni, ohun tí wọ́n sì ń dà sí i lẹ́nu á bá èémí náà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Mo ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ rí: ọ̀fun lásán ló ń dùn ún tẹ́lẹ̀, àgbo tó ṣìnà ló sọ ọ́ di ẹni tí kò lè mí dáadáa. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún màmá.

Omi kọ́ ni ọmọ yín kọ̀, ìrora ni. Nítorí náà, ìrora la ó kọ́kọ́ gbà. Ẹ wo ara ìgò parasítámọ́ọ̀lù olómi. Bí ó bá jẹ́ 120 mg nínú mílílítà 5, mílílítà 7.5 ni ti ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyẹn ṣíbí tíì kan àtààbọ̀. Wákàtí mẹ́fà gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀ẹ̀kan sí èkejì, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ dúró bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Àsìkò tí oògùn náà bá ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi fún un lómi.

Ẹ gbé ife ńlá kúrò lójú rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí tíì bù ú fún un, ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, kó jókòó lórí itan yín. Ṣíbí kan jẹ́ mílílítà 5. Láàárín ìdajì wákàtí, ó ti mu ṣíbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mílílítà 75 nìyẹn. Bí ẹ bá ń fi ìdajì wákàtí ṣe é nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan láti aago méje àárọ̀ sí méje alẹ́, ó ti mu mílílítà 900. Ọmọ tó wọn kílò 14 nílò bíi mílílítà 1,200 lóòjọ́ nígbà tára rẹ̀ dá, ibà sì ń fi díẹ̀ kún un, nítorí omi ń bá ooru ara àti èémí lọ. Ògì àti omi ọbẹ̀ wà nínú ìṣirò yìí, nítorí náà ẹ kò jìnnà sí i. Bí ohun tó mu kò bá tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e wá.

Ọmọ tí kò gbuuru lè mu omi lásán, ògì tútù tó ṣàn, tàbí omi ọbẹ̀ tí kò ní ata. Tútù máa ń tu ọ̀fun lára. Omi ọsàn máa ń ta á. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹun rárá, omi lásán nìkan kò tó, torí kò ní iyọ̀ tàbí ṣúgà. Níbẹ̀ ni ORS yín ti wúlò. Ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀. Bí ó bá ní lítà kan, omi inú ọ̀rá méjì tí wọ́n kọ 50cl sí ni ẹ ó fi po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí omi bá kéré, iyọ̀ á pọ̀ jù, ìyẹn sì léwu. Ẹ má fi máátì tàbí mínírà po ó. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Bí ORS bá tán, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́jú, nínú omi mímọ́ lítà kan.

Ìtọ̀ ni yóò sọ fún yín bóyá ó ń tó. Bí wákàtí mẹ́jọ bá kọjá tí kò tọ̀, tàbí tó ń ké tí omijé kò jáde, tí ẹnu gbẹ, tí ojú wọlé, omi ti ń tán lára rẹ̀. Ẹ má sì tìtorí ọ̀fun gbàgbé ibà ẹ̀fọn: ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un níka lónìí láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí méjèèjì lè wà pọ̀.

Bí itọ́ bá ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ tí kò lè gbé e mì, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí èémí ń dún, tí ọrùn le, tí gìrì mú un, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu mọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ itọ́, ohùn tàbí èémí ni ìṣòro, ẹ gbé e lọ ní ìjókòó, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gìrì bá mú un tàbí tí kò bá ṣeé jí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ bí ẹ bá ń gbé e lọ.