Ohun tí ojú rí lọ́tọ̀, èrò ẹni lọ́tọ̀: kíkọ ìjábọ̀ lórí aṣọ́lé ọmọ ọdún 14

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Birmingham ni mò ń gbé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọmọ mi ní kí n bá òun wo aṣọ́lé ọmọ ọdún 14 kan tí wọ́n fẹ́ gbà. Mo kọ ọ́ pé ọmọ náà dáa, ó ṣì máa ga, àmọ́ kò láyà. Ó dá a padà fún mi, ó ní èrò ni gbogbo rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀gbọ́n mi. London ni èmi wà, mo sì máa ń bá ẹgbẹ́ àdúgbò wa wo àwọn aṣọ́lé lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú "kò láyà" yẹn. Kí lẹ rí gan-an tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀? Ó jọ pé wọ́n gbá kọ́nà, kò sì jáde. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ nìyẹn. Tí ẹlòmíì tó dúró tì yín lọ́jọ́ náà bá máa gbà á láìjiyàn, ojú ló rí i. Tó bá lè jiyàn, èrò ni, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé kọ́nà 6 ni wọ́n gbá sí i. Ẹ kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, báyìí: "Ìṣẹ́jú 23. Kọ́nà wá láti apá òsì, bọ́ọ̀lù bọ́ sí nǹkan bíi mítà 4 síwájú ilé. Àwọn méjì dúró níwájú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó padà sórí ìlà. Wọ́n fi orí kàn án wọlé." Ẹ tún kọ: "Ìṣẹ́jú 41. Ibi kan náà ni bọ́ọ̀lù bọ́ sí, kò sẹ́ni níwájú rẹ̀. Ó jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un lókè orí." Nígbà tẹ́ ẹ bá kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, ká ní ẹ rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹrin tí àwọn èèyàn wà níwájú rẹ̀, kò jáde, ẹ̀ẹ̀mejì tí ọ̀nà ṣí, ó jáde, ó sì mú un. Ṣé ọmọ tí kò láyà nìyẹn? Ó ríran rí bọ́ọ̀lù, ó pinnu, àwọn èèyàn ló dí i lọ́nà. Èrò tiyín á wá di: "Mo rò pé wọn ò tíì kọ́ ọ bó ṣe máa la àárín àwọn èèyàn kọjá, ó sì ṣeé kọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wò. Bí mo bá tún rí i tó padà sórí ìlà nígbà tí ọ̀nà ṣí, màá yí èrò mi padà." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì sí mi ju ìyókù lọ, torí òun ló ń sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ohun tó máa wò nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá lọ.

Ti bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lu ilé, ẹ má tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù. Bí ẹni tó fẹ́ gbá a bá ti ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ wo ẹsẹ̀ aṣọ́lé. Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, tó sì dúró gbọn-in, àbí ó ń rìn sẹ́yìn lọ́wọ́? Ẹni tó ń rìn sẹ́yìn á fò pẹ́, àwọn òǹwòran á sì ní ó lọ́ra. Ẹ kọ ohun tí ẹsẹ̀ ṣe, ẹ fi "ó lọ́ra" sílẹ̀ ná.

"Ó ṣì máa ga" ò lè bá òótọ́ jókòó rárá. Ẹ kọ bó ṣe ga lónìí tí ẹgbẹ́ bá ti wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì kọ oṣù tí wọ́n bí i. Ní England, September 1 sí August 31 ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí nínú bọ́ọ̀lù ọmọdé, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí ní August lè fi bí ọdún kan kéré sí ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbá a. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin máa ń yára ga láàárín ọdún 13 sí 15, ìfò wọn sì lè dà rú fún ìgbà díẹ̀ torí ẹsẹ̀ ti gùn ju bí ara ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Gíga nìkan kọ́ sì ni wọ́n fi ń ṣe é: mítà 1.85 ni Jordan Pickford, ó kéré sí ọ̀pọ̀ aṣọ́lé ẹgbẹ́ ńlá, òun náà ló sì ṣọ́lé fún England ní World Cup 2018. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí ọmọ yìí, ẹ kọ bó ṣe jìnnà sí ìlà tó, ẹ sì béèrè bóyá ilé tó ń ṣọ́ jẹ́ ti àgbà, tó fẹ̀ ní mítà 7.32, tó sì ga ní mítà 2.44, torí ti ọmọdé lè kéré sí i.

Ẹ kọ ojú ọjọ́ àti pápá náà: òjò, atẹ́gùn, koríko gidi tàbí ti oníke. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ náà, ẹ kọ ọ́. Tí àtamátàsé kankan ò bá dá nìkan kọjú sí i lọ́jọ́ náà, ẹ kọ "n kò rí i", ẹ má fi èrò dí àlàfo yẹn.