Àmì oòrùn, òṣùpá àti èyí tó ń yọ
Kí ni wọ́n jẹ́, kí ló dé táwọn èèyàn fi gbà á gbọ́?

Nínú ìwòràwọ̀, ìyẹn fífi ìràwọ̀ sọ ìwà èèyàn, wọ́n pín ojú ọ̀run sí àmì méjìlá, bí Àgbò, ìyẹn Aries, àti Òṣùwọ̀n, ìyẹn Libra. Àmì tí oòrùn wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ ìbí ẹ ni wọ́n fi ń sọ ìwà ẹ, ti òṣùpá ni wọ́n fi ń sọ ti ọkàn ẹ. Èyí tó ń yọ, bí ayé ṣe ń rí ẹ, ni àmì tó ń jáde níhà ìlà oòrùn lásìkò tí wọ́n bí ẹ gan-an, bíi wákàtí méjì ló fi ń yí padà, torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń bèèrè aago. Ká ní wọ́n bí ọmọ méjì n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, oòrùn àwọn méjèèjì wà nínú Àgbò, àmọ́ ẹni tí wọ́n bí bí oòrùn ṣe ń yọ, Àgbò náà ló ń yọ tiẹ̀, ti ẹni ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ á jẹ́ Òṣùwọ̀n. Àwọn tó gbà á gbọ́ ní ìdí tí ìwà wọn ò fi jọra nìyẹn, wọ́n ń rí ara wọn nínú ẹ̀, àmọ́ sáyẹ́ǹsì ò rí ẹ̀rí ẹ̀ o.