Àpò Ṣẹ́ẹ̀tì Tó Ṣófo

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún kan náà lèmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ yunifásítì, a sì jọ gbé yàrá kan fún ọdún mẹ́ta. Ó ti ṣe tán, èmi ṣì ní kọ́ọ̀sì kan tó kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe sáìn-áùtì, tí wọ́n ń kọ̀wé sára ṣẹ́ẹ̀tì ara wọn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì òun, pé tèmi ni, ṣùgbọ́n orí ń fọ́ mi, mi ò lè lọ. Ó ti wá fi fọ́tò ránṣẹ́. Inú mi dùn fún un, àmọ́ ó ń ta mí lọ́kàn díẹ̀. Kí ni kí n kọ tí kò fi ní hàn?"

Orí wo ló fọ́ ẹ? Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ máákà jáde, tó sì san nígbà tí wọ́n túká? Mo mọ irú orí fífọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ ló máa ń kọ lu àwọn mìíràn.

Gbogbo kíláàsì ń kọ̀wé sí ọmọ yẹn lẹ́yìn, wọ́n ń kọ ọ́ sí i lápá, òun ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo àpò àyà, ó ń wo ọ̀nà. Ìwọ sì dùbúlẹ̀ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Pé ó ń ta ẹ́ lọ́kàn, ìyẹn ò bí mi nínú. Ẹ jọ mu gàrí, ẹ jọ jí lóru kàwé, ẹnì kan wá kọjá. Ta ni kò ní dùn? Ohun tó bí mi nínú ni pé o fẹ́ ọ̀rọ̀ tí wàá fi bò ó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń bò ó gan-an ló ń tú àṣírí yín. "Kú oríire o, tèmi náà ń bọ̀ lọ́nà." Àdúrà gidi ni, ṣùgbọ́n o ti mú ẹran nínú abọ́ rẹ̀. "Ẹni ńlá, má gbàgbé wa o." Ẹ̀fẹ̀ ni lójú tìẹ, lójú tirẹ̀, o ti ń kà á mọ́ àwọn tó ti lọ.

Kọ ohun tí ìwọ nìkan mọ̀. Bóyá òru tí lápútọ́ọ̀pù kú mọ́ orí kẹta pùrójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́, tó sunkún, tó tún jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ ọ́ pé: "Irọ́ ni mo pa, orí ò fọ́ mi, ó dùn mí ni. Má bínú." Má ṣe àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má di pé òun ni yóò máa pàrọwà fún ẹ lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀.

Kó tó di àgùnbánirọ̀ ni kó o lọ bá a o. Bí wọ́n bá ti mú un lọ sí kám̀pù ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà, ó di ìgbà kan ná. Tó o bá débẹ̀, gba ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún kọ́ọ̀sì tó kù yẹn. Kó o sì béèrè ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì wà. Wọn kì í fọ̀ ọ́. Mú máákà tìẹ dání, èyí tí omi kì í pa rẹ́.