Ìgékúrú méjì fún Ìfẹ́olúwa

Ìbéèrè: Ìfẹ́olúwa ni mo yàn fún ara mi. Ìgékúrú wo ni mo lè máa jẹ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, tí kò ní dà bí ènìyàn méjì?

Ìdáhùn: Ìfẹ́ àti Amy. Love ni ìtumọ̀ tààrà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń pè é lẹ́nu, sílébù kan ni, ó sì wúwo ju Ìfẹ́ lọ. Amy wá láti ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ tó túmọ̀ sí olùfẹ́. Sílébù méjì ni, fáwẹ́lì ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bíi ti Ìfẹ́. Ohùn wọn ló yàtọ̀: Ìfẹ́ ń gòkè, Amy ń sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni kíkọ. Láìsí àmì, “Ife” lè di ìlú Ifẹ̀ tàbí ife omi, Òyìnbó tó rí i á sì pè é ní “Áìfì”. Níbi tí wọn kò bá ti gba àmì, Amy ni kí ẹ kọ. Ẹ má gé e sí Fẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìṣe nìyẹn, kì í ṣe orúkọ mọ́.